Lẹ́tà Kan Ṣoṣo

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìyá Aláṣọ àti oníbàárà rẹ̀ kan tí ó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ọ̀ràn náà ṣojú wa, ó sì kàn wá, nítorí àwa gan-an ni a kọ́ ìyá náà bí a ṣe ń gba owó lórí fóònù.

Àbúrò ìyá wa ni Ìyá Aláṣọ, àǹkárá ni ó sì ń tà ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ tí ń gbé ní Kútọnú bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí wọn yóò ṣe máa sanwó láìwá sí ọjà, a bá a forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí ń bá àwọn oníṣòwò gba owó. Wọ́n fún un ní ìjápọ̀ kan, ìyẹn àdírẹ́sì tí oníbàárà yóò tẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ kí ojú-ìwé ìsanwó lè ṣí. A kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé gbèsè rẹ̀, a ní, “Ìyá, èyí ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́.” A rò pé iṣẹ́ wa ti parí.

Ní ọjọ́ kan, fóònù ìyá náà bọ́ sínú omi. Ó ra òmíràn, ṣùgbọ́n gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó wà nínú ti àtijọ́ ti lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni oníbàárà yìí, ọmọbìnrin Kétu kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnú, béèrè aṣọ mẹ́rin fún ìkómọ àbúrò rẹ̀. Owó rẹ̀ jẹ́ 48 000 fàráǹkì. Ìyá náà ṣí ẹ̀yìn ìwé gbèsè, ó fi ìka kan tẹ ìjápọ̀ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì fi í ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀sáàpù.

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Ojú-ìwé kan ṣí, tí àwọ̀ àti àmì rẹ̀ jọ ti ilé-iṣẹ́ ìsanwó. Ó ní kí ó kọ iye owó, ó kọ ọ́. Ó ní kí ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti kóòdù ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, ó kọ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà. Ojú-ìwé náà béèrè fún un, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú. `Paiement effectué` ni ojú-ìwé fi dá a lóhùn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ilé-iṣẹ́ fóònù fi sọ fún un pé 130 000 fàráǹkì ti kúrò nínú àpò rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí kò mọ̀ rí.

Ó pe Ìyá Aláṣọ. “Ìyá mi, kí ni mo fi ṣe yín? Ìjápọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ni mo fi sanwó.” Ìyá náà dáhùn pé kọ́bọ̀ kò wọlé sọ́dọ̀ òun. Fún ọjọ́ méjì, ọmọbìnrin náà gbà pé ìyá yìí mọwọ́mẹsẹ̀ nínú olè náà. Àwọn ọmọ ìyá náà ní tiwọn gbà pé irọ́ ni ó ń pa kí ó lè gba aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí wọ́n pè wá, a ní kí ọmọbìnrin náà fi àwòrán ojú-ìwé náà hàn wá. Àdírẹ́sì náà wà lókè àwòrán. A gbé ìwé gbèsè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì kà wọ́n pọ̀. A kò ní kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà síbí. Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ àpẹẹrẹ dípò rẹ̀. Ti òkè ni ó wà nínú ìwé, ti ìsàlẹ̀ ni ìyá náà tẹ̀:

```
https://owoyara.example/a214
https://owoyaara.example/a214
```

“A” kan ni ó lé. Ibi tí ó bọ́ sí ni ó sì mú ewu wá. Ohun tí ó wà ṣáájú ìlà dídagun yẹn, `/`, dà bí ilé. Ohun tí ó tẹ̀ lé e dà bí yàrá inú ilé náà. Bí ó bá jẹ́ pé `a214` ni ìyá náà ṣì tẹ̀, inú ilé olóòótọ́ ni oníbàárà ìbá wọ̀. Wọn ìbá sọ fún un pé kò sí irú yàrá bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó rí orúkọ oníṣòwò mìíràn níbẹ̀, kí ó sì padà. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé ni ó ṣì, ilé ẹlòmíràn ni oníbàárà sì wọ̀. Àwọn olè mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn máa ń ṣì. Wọ́n a máa ra irú orúkọ tí ó fi lẹ́tà kan yàtọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n a kọ́ ojú-ìwé tí ó jọ ti òótọ́ síbẹ̀, wọ́n a sì dúró. Olè náà kò mọ Ìyá Aláṣọ, kò sì nílò láti mọ̀ ọ́n.

Ọmọbìnrin náà ní òun rí àmì àgádágodo lẹ́bàá àdírẹ́sì náà, ìdí nìyẹn tí ọkàn òun fi balẹ̀. A ṣàlàyé fún un pé ohun tí àgádágodo ń sọ ni pé ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà kò lè ka ohun tí a ń fi ránṣẹ́ sí ilé náà. Kò sọ ẹni tí ó ni ilé náà. Olè pẹ̀lú lè fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.

Àmì méjì ni ìbá ti ta á lólobó. Èkíní, ojú-ìwé òtítọ́ a máa kọ orúkọ Ìyá Aláṣọ síwájú ẹni tí ó ń sanwó, nítorí ilé-iṣẹ́ náà mọ ẹni tí ó ni `a214`. Ayédèrú kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èkejì, lójú-ìwé òtítọ́ yẹn, nọ́ńbà fóònù nìkan ni oníbàárà ń kọ. Ilé-iṣẹ́ fóònù fúnra rẹ̀ ni yóò wá fi ìbéèrè hàn lójú fóònù, tí yóò sọ ẹni tí ó ń gba owó àti iye rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń tẹ kóòdù ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ó bá kọ kóòdù yẹn àti nọ́ńbà mẹ́fà sí ojú-ìwé ayédèrú ti fún olè ní kọ́kọ́rọ́ àpò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé 130 000 ni ó lọ, kì í ṣe 48 000.

Ilé-iṣẹ́ fóònù ti àpò náà pa, ọmọbìnrin náà sì fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba owó náà jáde. Kò padà títí di òní.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, ó wá sí Àjàṣẹ́, ó kúnlẹ̀, ó ní kí ìyá náà foríji òun fún ọ̀rọ̀ tí òun sọ. Ìyá náà gbé aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé e lọ́wọ́. “Ọmọ mi, ọwọ́ mi ni ìjápọ̀ yẹn ti jáde. Má san nǹkan kan.” Ọmọbìnrin náà kọ̀, wọ́n sì fà á títí tí a fi dá sí i. A ní kí ó san 24 000 díẹ̀díẹ̀, kí àwa san 24 000 tí ó kù. Àwa ni a kọ àdírẹ́sì sórí ìwé fún ẹni tí ó yẹ kí a kọ́ pé kí ó má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ rárá.

Nísinsìnyí, ìjápọ̀ náà wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí ìyá náà fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ó ti ń dà á kọ láìtẹ lẹ́tà kankan. Kí ó tó fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà, òun fúnra rẹ̀ a kọ́kọ́ ṣí i. Bí ó bá rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, a rẹ́rìn-ín, a ní, “Ilé mi nìyí.”