Nọ́ńbà Fáàrí Kì í San Owó Gáàsì

Ní Ìbógun níbí, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tajà ló mọ iye èèyàn tó wo sítátọ́ọ̀sì Wasáàpù rẹ̀ lánàá. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé èló ló ṣẹ́kù lórí ọjà kan lẹ́yìn owó gáàsì àti owó ọ̀kadà, ọ̀pọ̀ ni yóò máa wojú yín. Iye àwọn tó wo sítátọ́ọ̀sì ni mo ń pè ní nọ́ńbà fáàrí, nítorí ó lè máa gòkè kí àpò má mọ̀ rárá. Èyí tó ṣẹ́kù yẹn ni nọ́ńbà owó.

Kì í ṣe àwa ọlọ́jà kéékèèké nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà tí Jumia wọ ọjà ìpín ìdókòwò New York ní oṣù kẹrin ọdún 2019, nọ́ńbà ńlá tí wọ́n gbé síwájú ni àpapọ̀ iye owó ọjà tí àwọn èèyàn bèèrè fún lórí ìkànnì wọn. Ti ọdún 2018 lé ní 800 mílíọ̀nù yúrò. Ọjà tí wọ́n fagi lé àti èyí tí wọ́n dá padà wà nínú rẹ̀. Owó tó wọlé fún iléeṣẹ́ náà gan-an jẹ́ nǹkan bí 130 mílíọ̀nù yúrò, àdánù wọn sì tó nǹkan bí 170 mílíọ̀nù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn fúnra wọn kéde pé àwọn kan ti ń bèèrè ọjà tí wọ́n sì ń fagi lé e lẹ́yìn náà, èyí tó bu iye náà sí i. Ohun tí èèyàn bá ń fi nọ́ńbà yìn ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò máa mú wá, bí owó bá bá a wá, bí kò bá bá a wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ta ìpékeré nínú ọgbà wa. Ó ní kí n bá òun ṣètò ìwé ọjà òun, ni mo bá ronú kan dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀. Awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Ifọ̀ kì í wo ju epo, ooru ẹ́ńjìnnì àti ìwọ̀nba nǹkan mìíràn lọ. Ìbéèrè méjì la fi yan nọ́ńbà tiwa: bí ó bá gòkè, ṣé owó máa pọ̀ sí i? Bí ó bá wálẹ̀, ṣé a mọ ohun tí a máa ṣe lọ́la? Márùn-ún ló yege, a sì fa ìlà márùn-ún sínú ìwé fún wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀:

1. Iye ìgbà tí oníbàárà rajà tó sì sanwó.
2. Owó tí oníbàárà ń ná lẹ́ẹ̀kan.
3. Èrè tó ṣẹ́kù lórí ọjà ẹ̀ẹ̀kan.
4. Iye àwọn tó ti rà rí tí wọ́n padà wá.
5. Owó àwìn tó wà níta.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, èèyàn 210 ló wo sítátọ́ọ̀sì rẹ̀. Èèyàn 22 ló rà, owó wọn jẹ́ ₦26,400, ìyẹn ₦1,200 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ó ná ₦17,600 lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, òróró, gáàsì, nálọ́ọ̀nù àti ọ̀kadà. Èrè ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦400. Àwọn 13 ti rà rí, àwìn sì jẹ́ ₦1,500.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó kéde pé òun yóò gbé e dé ilé oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn 640 ló wò ó, inú rẹ̀ dùn gan-an. Èèyàn 30 ló rà, wọ́n san ₦27,000, ìyẹn ₦900 péré lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kadà sọ ìnáwó di ₦24,000. Èrè ẹnì kọ̀ọ̀kan wá di ₦100. Èrè ọ̀sẹ̀ náà lápapọ̀ já láti ₦8,800 sí ₦3,000, àwọn 11 péré ló padà wá, àwìn sì di ₦6,000. Ọjà àwìn ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òróró kí ẹnikẹ́ni tó sanwó rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní ìlà tirẹ̀.

Bí a bá wo sítátọ́ọ̀sì nìkan, ọ̀sẹ̀ kejì ló dára jù. Ìlà kejì àti ìkẹta ló tú àṣírí náà: àwọn tó ń ra ẹyọ kan ló ń jẹ owó ọ̀kadà. Ó pinnu pé ẹni tí kò bá ra mẹ́ta, kí ó wá gbé e fúnra rẹ̀, kò sì sí àwìn tuntun fún ẹni tó jẹ gbèsè.

N kò sọ pé kí ẹ má wo sítátọ́ọ̀sì mọ́ o. Bí ìlà kìíní bá wálẹ̀, ẹ lè lọ wo ibẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọn kò rí ọjà yín ni, tàbí wọ́n rí i tí wọn kò fẹ́ rà. Ẹ má sì fi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo dájọ́, torí ọ̀sẹ̀ ìdánwò àti ọ̀sẹ̀ ìsinmi kì í jọra pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mìíràn. Mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn máa ń sọ òótọ́ jù. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ìlà kẹfà kún un, ẹ kọ́kọ́ sọ èyí tí ẹ máa yọ.