Ekòló, Tọ́ọ̀ṣì, àti Ohun Tó Ń Sá Fún Gan-an

Ẹ gbọ́ ná. Ekòló ò lójú. Ẹ wò ó láti orí dé ìdí, ẹ ò ní rí ojú kankan. Síbẹ̀, tí ẹ bá tan iná sí i lóru nígbà tó yọ orí jáde nílẹ̀, kíá ló máa fà padà sínú ihò. Awọ ara rẹ̀ ló fi ń mọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan wà nínú awọ yẹn tó ń gbọ́ ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì pọ̀ níbi orí rẹ̀ ju àárín ara lọ.

Àbúrò mi obìnrin, tó wà ní kíláàsì kejì ní girama, ló fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ síbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wọn. Tíṣà wọn ní kí kálukú kọ ètò tiẹ̀ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan: ìbéèrè, ọ̀nà tó máa gbà, àti èsì tó ń retí. Mo fẹ́ràn tíṣà yẹn gan-an. Tó o bá ti kọ ohun tó ò ń retí sílẹ̀ ṣáájú, o ò lè yí ẹnu padà tí èsì bá dé.

Ètò tó kọ́kọ́ kọ ò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó ní òun á kó ekòló márùn-ún sínú àwo, òun á tan gílóòbù sí wọn, wọ́n á sì sá.

Mo ní, "Tí wọ́n bá sá, kí ni wọ́n sá fún?"

Ó wò mí bí ẹni tí orí ò pé. "Ìmọ́lẹ̀ náà ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. Lọ fọwọ́ sábẹ́ gílóòbù pálọ̀ ná." Gílóòbù àtijọ́ ni tiwa, èyí tó máa ń gbóná janjan. Kò pẹ́ tó fi fa ọwọ́ yọ.

"Ó gbóná."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Gbogbo iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ yẹn. Ìmọ́lẹ̀ kì í dá rìn. Ooru máa ń tẹ̀ lé e, ooru yẹn sì máa ń gbẹ omi ibi tó bá bà lé. Ẹ sì rántí pé ekòló ò ní ẹ̀dọ̀fóró, awọ ara ló fi ń mí, awọ yẹn sì gbọ́dọ̀ tutù kí afẹ́fẹ́ tó lè gba inú ẹ̀ kọjá. Ibi tó gbẹ, ibi ikú ni fún un. Torí náà, tí ekòló bá sá kúrò lábẹ́ gílóòbù, afurasí mẹ́ta ló wà níwájú ẹ: ìmọ́lẹ̀, ooru, àti gbígbẹ. Ẹni tó bá kàn tọ́ka sí ìmọ́lẹ̀ láìtíì wo àwọn méjì tó kù, ó ń dájọ́ láìgbọ́ ẹjọ́ ni.

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ bi ìbéèrè yìí o. Charles Darwin, bàbá olóyìnbó tó kọ̀wé lórí bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà, ìwé tó tẹ̀ kẹ́yìn ní 1881, lórí ekòló ni. Ó kó wọn sínú ìkòkò, ó gbé ìkòkò wọlé, ó wá ń yọ́ lọ wò wọ́n lóru pẹ̀lú iná. Ọ̀rọ̀ ooru yìí sì dùn ún, torí ó ki irin bọná títí tó fi pọ́n díẹ̀, ó wá gbé e súnmọ́ ekòló márùn-ún. Ọ̀kan ò tiẹ̀ kà á sí. Èkejì rọra wọlé lọ, kò kánjú. Àwọn mẹ́ta tó kù yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi awò kó iná àbẹ́là jọ sójú kan, tó sì jẹ́ kó gba ara gíláàsì kọjá kí gíláàsì lè gba ọ̀pọ̀ ooru rẹ̀ dúró, ìyẹn sábà máa ń mú wọn sá kíákíá ju irin gbígbóná lọ. Ẹ rí i, ó ya ooru sọ́tọ̀. Ohun tí àwa náà fẹ́ ṣe nìyẹn, tọ́ọ̀ṣì àti páálí la fẹ́ fi ṣe é.

Bí ètò náà ṣe rí nísinsìnyí rèé.

Àwo ike gígùn kan, funfun, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40. A fi máákà fa ìlà sí àárín. A tẹ́ tíṣù sí gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì ń fi ṣíbí wọn omi sí i, iye ṣíbí kan náà ní apá méjèèjì. Omi kànga ni, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tí wọ́n da kẹ́míkà sí. Páálí bo apá kan bí òrùlé, etí rẹ̀ kan wálẹ̀ sí ibi ìlà kí iná má bàa yọ́ wọlé, ṣùgbọ́n a fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí ekòló lè gba ibẹ̀ kọjá. Apá kejì ò ní òrùlé. Tọ́ọ̀ṣì wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 lókè ibẹ̀, lórí ìwé tá a tò jọ. Tọ́ọ̀ṣì ìsinsìnyí ni, èyí tí iná rẹ̀ funfun, tó o máa fọwọ́ síwájú ẹ̀ tí o ò ní gbóná. Tẹmọ́mítà kan wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Tí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ju dígírì 1 lọ, a ò ní ka iṣẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ekòló 40 la nílò. Ẹ̀yìn ilé, lẹ́bàá ojú omi balùwẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, kò sí wàhálà. Àwọn tó ti dàgbà la fẹ́, àwọn tó ní bẹ́líìtì, ìyẹn apá tó wú díẹ̀ lára wọn. Bẹ́líìtì yẹn wúlò: orí ló súnmọ́ ju ìdí lọ, òun la fi máa mọ èwo ni orí. Ọwọ́ tútù la fi ń gbé wọn. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó dé inú àwo, á ti sinmi fún ìṣẹ́jú 10 nínú ike tó ṣókùnkùn, torí ekòló tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ mú máa ń yí gbirigbiri, kò sí ìmọ́lẹ̀ tó lè rí ti nǹkan míì rò nígbà yẹn.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa wọlé, ẹ̀ẹ̀kan péré. A máa tẹ́ ẹ sórí ìlà àárín gbọọrọ, kí orí ẹ̀ má kọjú sí apá kankan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, a wo ibi tí orí wà, a kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ṣì wà lórí ìlà, "àárín" la máa kọ, a ò ní bá a yan apá. Lẹ́yìn náà a pààrọ̀ tíṣù, torí ekòló máa ń fi omi ara yíyọ̀ sílẹ̀ níbi tó bá gbà, a ò sì fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa tọ ipa ẹni tó ti lọ.

Àbúrò mi bi mí pé, kí ló dé tó fi jẹ́ 40, ṣé 20 ò tó? Ogún ni tọ́ọ̀ṣì máa tàn sí. Ogún yòókù, gbogbo nǹkan á wà bó ṣe wà, páálí á wà, tọ́ọ̀ṣì á wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n a ò ní tàn án. Òkùnkùn ni wọ́n máa fi rìn, tí ìṣẹ́jú 5 bá pé, a máa fi tọ́ọ̀ṣì míì tá a fi ọ̀rá pupa wé wò wọ́n, torí ìmọ́lẹ̀ pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ dà wọ́n láàmú. Ó rò pé ogún kejì yẹn jẹ́ fífi àkókò ṣòfò.

Nítorí ìyẹn la ṣe dán àwo náà wò ní Sátidé, ekòló mẹ́rin péré, láìtan nǹkan kan. Mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ sí ìdí kan náà. Kò sí ìmọ́lẹ̀ o! A gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan sínú àwo, ó yí lọ sí ìdí yẹn gẹ́lẹ́. Tábìlì ló dagun. Omi ti ṣàn lọ jọ síbẹ̀, tíṣù ibẹ̀ tutù ju ti ibòmíì. Ká ní apá yẹn ni páálí wà, tí tọ́ọ̀ṣì sì ń tàn, ariwo la ò bá máa pa pé wọ́n sá fún ìmọ́lẹ̀. Kò tún bi mí nípa ogún kejì mọ́. A ti fi páálí tẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, a sì fi kún ètò pé lẹ́yìn ekòló méjì méjì, a máa yí àwo padà, ìdí á di orí. Ìwé tá a ká ló sì máa sọ èwo ló kàn, iná títàn tàbí iná pípa, kó má jẹ́ pé gbogbo ti iná ló ṣíwájú nígbà tí ekòló ṣì lágbára.

Èsì tó ń retí ńkọ́? Tí tọ́ọ̀ṣì bá tàn, ó kọ ọ́ pé ó kéré tán 15 nínú 20 á wà lábẹ́ páálí. Tí ò bá tàn, nǹkan bí ìdajì, láti 7 sí 13. Mo fi owó ẹyọ ṣàlàyé 15 yẹn fún un: ju owó ẹyọ sókè nígbà 20, kó o rí orí nígbà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló lè ṣẹlẹ̀. Torí náà, tó bá dé 15, ó ṣòro láti sọ pé orí ló ṣe é. Méjìlá ò tó nǹkan kan. Ó dun àbúrò mi, torí ó ń fojú inú wo 20 nínú 20. Mo ní kò dájú, ekòló míì á kàn dúró, òmíì á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àwo bí ẹni ń wá ilẹ̀kùn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò náà ni ìlà tó fi kún un fúnra ẹ̀. Ó ní tí àwọn tí a ò tan iná fún bá tún wọ abẹ́ páálí bíi 16, "a jẹ́ pé páálí ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe pé wọ́n ń sá fún iná." Ó tún kọ ọ́ pé iṣẹ́ òun ò ní lè sọ nípa ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́lẹ́ bíi ti òṣùpá, torí tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ gan-an nìkan lòun lò, oríṣi ekòló ẹ̀yìn ilé wa nìkan lòun sì mọ̀.

Gbogbo wọn ló máa padà sínú ilẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí èyí tá a máa sá sóòrùn. Ó ti ń bi mí bóyá òun lè sọ wọ́n lórúkọ. Mo ní nọ́ńbà ni. Sátidé tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn aago méje alẹ́, tí wọn ò bá mú iná lọ. Tí wọ́n bá sì mú un lọ, ó ṣáà dáa náà, yàrá á ṣókùnkùn bó ṣe yẹ.