Ìlà Mẹ́ta Lórí Bíìlì Iná

Ní Báúńdárì, níbi tí Àpápá ti parí tí Ajégúnlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀, ilé méjì lè kọjú síra wọn lójú títì kan náà, kí yúníìtì iná kan ṣoṣo nínú ọ̀kan wọn wọ́n ju ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì lọ. Kò sí ẹni tó ń ṣalàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń gbébẹ̀. Bíìlì á ṣáà dé, a ó kà á sí kréésì bíìlì, a ó bú NẸ́PÀ, a ó sì lọ wá owó. NẸ́PÀ fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé láti ọdún 2005, wọ́n sì ti fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ láti oṣù kọkànlá ọdún 2013, síbẹ̀ NẸ́PÀ náà la ṣì ń pe ẹnikẹ́ni tó bá gbé àkàbà wọ àdúgbò.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àǹtí mi tó ń ta ẹja yìnyín ní Ajégúnlẹ̀ gba bíìlì kan tó lé ní 65,000 náírà. Ìwé ìkìlọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ pé wọ́n máa gé iná. Bí wọ́n bá gé iná fírísà ẹlẹ́ja fún ọjọ́ méjì péré, owó tó fi ń ṣòwò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó na ìwé náà sí mi, ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ tó o wà ní yunifásítì, bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbí.” Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ iná. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tì í, mo rí i pé ìlà mẹ́ta péré ló gba kí ènìyàn fara balẹ̀ wò: iye owó yúníìtì kan, iye yúníìtì tí wọ́n ní o lò, àti gbèsè ẹ̀yìn. Ìṣirò ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó yúníìtì. Yúníìtì kan ni wọ́n ń kọ ní kWh. Láti ọdún 2020 ni àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, NERC, ti pín àwọn oníbàárà sí báǹdì márùn-ún gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tó yẹ kí wọ́n máa rí lójúmọ́. Báǹdì A yẹ kí ó rí ó kéré tán wákàtí 20, B 16, C 12, D 8, E 4. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó Báǹdì A láti nǹkan bí 68 náírà lọ sí 225 lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dín in kù sí 206.80 ní oṣù karùn-ún, ó sì di 209.50 ní oṣù keje. Wọn kò fọwọ́ kan àwọn báǹdì yòókù nígbà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀gbun tó wà láàárín ilé méjì tó kọjú síra ti wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé báǹdì kì í ṣe ti àdúgbò, kì í sì í ṣe ti olówó tàbí ti tálákà. Ti fíídà ni, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná láti sọbusitéṣọ̀n wá sí tírànsífọ́mà yín. Nítorí náà, ilé kan ní Ajégúnlẹ̀ lè wà lórí Báǹdì A, kí òmíràn ní Àpápá má sí níbẹ̀. Orí fíídà náà ni wọ́n sì ti ń ka wákàtí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ. Bí tírànsífọ́mà yín bá jó, tí ẹ wà nínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ kan, tí iná sì wà lórí fíídà ní gbogbo ìgbà yẹn, lójú ìwé wọn, wọ́n ti fún yín ní iná. Àṣẹ ọdún 2024 náà sọ pé bí fíídà Báǹdì A kò bá pé wákàtí rẹ̀ fún ọjọ́ méje léra, kí wọ́n já a wálẹ̀ sí báǹdì tó bá wákàtí tó rí mu. Ẹni tó bá fẹ́ lo àṣẹ yìí gbọ́dọ̀ mọ orúkọ fíídà rẹ̀, kó sì máa kọ wákàtí iná sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ó sì ní kí ilé-iṣẹ́ fi àkọsílẹ̀ ti fíídà han òun.

Ẹni tó ń lo mítà tí a ń ra káàdì sí lè dá báǹdì rẹ̀ mọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àpápá. Lópin ọdún 2024, ó ra iná 10,000 náírà, wọ́n fún un ní yúníìtì 44.4. Owó-orí ọjà tí wọ́n ń kọ ní VAT jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé a ó kọ́kọ́ fi 1.075 pín 10,000. Ó ku 9,302 náírà fún iná gan-an. Fi 44.4 pín ìyẹn, ó jẹ́ nǹkan bí 209.50 náírà. Báǹdì A ni, ohun yòówù kí òṣìṣẹ́ tó wá sí ṣọ́ọ̀bù sọ. Bí ìṣirò náà bá gbé iye mìíràn jáde, tí ó jìnnà sí owó báǹdì tí wọ́n kọ sí orúkọ rẹ, a jẹ́ pé wọ́n ti yọ gbèsè kan nínú owó rẹ tàbí pé wọ́n gbé ọ sí báǹdì tí kì í ṣe tìrẹ.

Àǹtí mi kò ní mítà rárá, nítorí náà ìlà kejì ló ṣe pàtàkì jù fún wọn. Mo ti sọ owó yúníìtì wọn di 60 náírà níhìn-ín kí ìṣirò má bàa ta kókó, mo sì ti mú àwọn iye yòókù bá a mu. Bíìlì oṣù kẹsàn-án ní wọ́n lo yúníìtì 340. Mo wá bíìlì oṣù kẹjọ àti keje jáde nínú àpò tí wọ́n ń kó ìwé sí: 340, 340. Ẹ rántí pé ọjọ́ mọ́kànlá ni a kò fi rí iná rárá nínú oṣù kẹsàn-án. Iná tí ènìyàn ń lò kì í bá ara rẹ̀ mu bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹnìkan ló jókòó sí ọ́fíìsì, tó fojú bù ú.

Fífojú bù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin fún ẹni tí kò ní mítà, ṣùgbọ́n ó ní gbèdéke. Ní oṣù kejì ọdún 2020, NERC pàṣẹ pé iye yúníìtì tí wọ́n lè fojú bù fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju iye tí wọ́n dá lé lórí. Wọ́n ń wo iye tí àwọn tó ní mítà ń lò lápapọ̀ ní sàkáání kan náà kí wọ́n tó dá gbèdéke, wọ́n sì ń gbé e síta fún fíídà kọ̀ọ̀kan lórí ìkànnì wọn. Mo fi orúkọ fíídà tó wà lórí bíìlì wá a. Gbèdéke fíídà àǹtí mi jẹ́ yúníìtì 190 ní oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Yúníìtì 340 lọ́nà 60 náírà jẹ́ 20,400. VAT rẹ̀ jẹ́ 1,530. Àpapọ̀ jẹ́ 21,930. Yúníìtì 190 lọ́nà 60 jẹ́ 11,400, VAT rẹ̀ jẹ́ 855, àpapọ̀ jẹ́ 12,255. Owó tó lé jẹ́ 9,675 lóṣù. Fún oṣù mẹ́ta, ó jẹ́ 29,025 náírà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Ní ọdún 2025, NERC bu owó ìtanràn tó lé ní 628 mílíọ̀nù náírà lé ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ tó ń pín iná lórí, nítorí pé wọ́n ti kọjá gbèdéke láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024.

Ẹni tó ní mítà àtijọ́ tí wọ́n ń wá kà náà lè mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wá. Jẹ́ ká ní bíìlì kọ ọ́ pé mítà wà lórí 18,760 nígbà tí wọ́n kà á. Jáde síta, kí o wo mítà náà. Bí ó bá ṣì wà lórí 18,571, kò sẹ́ni tó wá, nítorí pé mítà kì í rìn sẹ́yìn. Ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí nọ́ńbà mítà àti òǹkà rẹ̀ hàn pa pọ̀.

Ìlà kẹta ni gbèsè ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni owó tí kò ní orúkọ máa ń fara pamọ́ sí. Òfin rẹ̀ kò le: gbèsè oṣù yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ àpapọ̀ bíìlì oṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohun tí o san kúrò. Àpapọ̀ bíìlì oṣù kẹjọ jẹ́ 52,300. Àǹtí mi san 15,000, rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ó yẹ kí gbèsè kù 37,300. Bíìlì kọ 43,800. 6,500 náírà ti wọlé láàárín oṣù méjì, kò sì sí ìlà kan tó sọ ohun tí ó jẹ́. Ẹni tó bá ń wo àpapọ̀ nìkan kò ní rí i láé. Bí o bá ń ju bíìlì àtijọ́ nù, ìwọ náà kò ní rí i.

Bí a ṣe kọ lẹ́tà nìyẹn: 29,025 lórí gbèdéke, 6,500 tí kò ní àlàyé, 35,525 lápapọ̀. Nínú 65,730 tí wọ́n ń béèrè, 30,205 ni àǹtí mi jẹ ní tòótọ́. A so bíìlì mẹ́ta, rìsíìtì àti ẹ̀dà gbèdéke NERC mọ́ ọn, a gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn, a sì rí i dájú pé wọ́n lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ sórí ẹ̀dà tiwa. Òfin gbà pé kí oníbàárà tó ń jiyàn lórí bíìlì san iye bíìlì tó gbẹ̀yìn tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, títí wọn yóò fi yanjú ọ̀rọ̀. Ti oṣù kẹfà ni àǹtí mi san. Nígbà tí àwọn alákàbà dé, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn àti rìsíìtì owó náà ni wọ́n na sí wọn. Wọ́n kà á, wọ́n pe ẹnìkan lórí fóònù, wọ́n sì kọjá sí ilé kejì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n yọ 29,025 náà kúrò nínú bíìlì. 6,500 ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń wá ìwé rẹ̀. Láti ọdún 2025 ni ìṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní ìpínlẹ̀ Èkó ti kúrò lọ́wọ́ NERC, tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LASERC. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀sùn tí ilé-iṣẹ́ iná kò bá yanjú ń lọ báyìí, ọ̀dọ̀ wọn náà sì ni lẹ́tà wa kejì wà.