Ẹnu Ẹni Tó Rà Á

Láti ayé àwọn bàbá wọn ni àwọn ará Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò ní Àbíjàn. Nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìlú náà lórí Wásáàpù ni Ìyá Aláńkárá, tó ń tajà ní Àjàmé, ti ń rí oníbàárà. Ara ilé ni gbogbo wọn, nítorí náà, ẹni tó bá já ẹnìkan kulẹ̀ níbẹ̀, ilé gbọ́, oko gbọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ó ya àwòrán aṣọ kan lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù, iná sì sọ pupa rúsúrúsú di pupa fòò. Obìnrin kan ní Àbóbò sanwó rẹ̀ fún aṣọ ẹbí ìkómọ. Nígbà tí ẹrù dé, ó fi ohùn ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́: "Èyí kọ́ ni aṣọ tí mo rà o!"

Ìyá Aláńkárá kò bá a jiyàn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó fèsì pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni." Ó pààrọ̀ aṣọ náà, ó sì san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Láti ìgbà náà, ojúmọmọ ló ń ya àwòrán, lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀. Bí aṣọ ẹbí bá sì pọ̀, ó ń gé díẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n tó sanwó.

Lẹ́yìn ìkómọ, obìnrin Àbóbò náà fi àwòrán gbogbo wọn nínú aṣọ náà sínú ẹgbẹ́. Oníbàárà tuntun mẹ́ta dé lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí Ìyá Aláńkárá bi wọ́n pé ta ló júwe òun, orúkọ ẹnìkan náà ni wọ́n dá.