Ta Ni Yóò Padà Lọ?

Ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀, ó sì fi ìlú Igbó-Ọrà ṣe ibùdó rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn a máa kó ẹrù lọ síbẹ̀, wọn a sì gbé láàárín àwọn ará ìlú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èmi kò kàwé ní Ìbàdàn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì ni mo ń kọ́, àmọ́ ohun kan wù mí nínú ètò náà: ẹni tí ó bá yẹ ara aládùúgbò wò lónìí yóò tún pàdé rẹ̀ lọ́jà lọ́la. Kò síbi tí yóò sá sí bí wọ́n bá bi í pé, "Níbo lẹ bá ọ̀rọ̀ mi dé?"

Ní ilé-ìwé tèmi, ẹgbẹ́ kan wà tí ó ń yẹ ìfúnpá wò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jà. Kí n tó dara pọ̀ mọ́ wọn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lọ lọ́dún. Wọn a wọ ẹ̀wù kan náà, wọn a ya fọ́tò, ó parí. Mo ka ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 196/118. Orúkọ rẹ̀ wà, nọ́ńbà náà wà, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ agbo ilé, kò sí fóònù, kò sí ohun tí wọ́n sọ fún un. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó dé ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀, ìfúnpá gíga kì í sábà dunni. Ẹni tó ní in lè máa ru ẹrù, kó máa jó lóde àríyá, títí rọpárọsẹ̀ yóò fi dé.

Olùkọ́ wa obìnrin kan ló sọ iṣẹ́ náà di ara ẹ̀kọ́ tó ní máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gba èèyàn mẹ́wàá, òun ló sì ni wọ́n fún ọ̀sẹ̀ 12. Òpó ìkẹyìn nínú ìwé wa ni a kọ "àbájáde" sí lórí, òpó yẹn nìkan sì ni wọ́n ń máàkì. Iye èèyàn tí a yẹ̀ wò kò kàn wọ́n. Inú wa kò dùn, nítorí nọ́ńbà rọrùn láti kó jọ ju àbájáde lọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yí padà ni bí a ṣe ń wọn ìfúnpá náà. Bí o bá mọ̀ pé ìwọ lo máa padà lọ, o kò ní fẹ́ kọ nọ́ńbà tí kò ṣeé gbára lé. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, tí ó ń bá oníbàárà dúnàá-dúrà, nọ́ńbà rẹ̀ yóò ga ju bí ó ti yẹ lọ. A wá àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì. Ẹni náà á jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní déédéé àyà, kò sì ní sọ̀rọ̀. (Ní ọjà, èyí ló le jù.) Lẹ́yìn náà, a ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ wà lára mẹ́wàá tèmi. Bó ṣe dé, 168/104 ni. Lẹ́yìn ìsinmi, ó di 154/98. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, 152/96. Bí ó bá dé 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a óò kọ̀wé lé ẹni náà lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni lóògùn. Ìlàjì ìwé náà gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ọwọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ti ìyá yìí kò padà. Mo lọ bá a.

Ó ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ ọjà ni wọ́n ní kí n wá. Ta ni yóò bá mi ta èlùbọ́?"

Bí wọn kò bá rán mi padà, mo lè máa sọ pé aláìgbọràn ni. Mo lọ bi àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, wọ́n ní a lè rí i ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kí èrò tó pọ̀. Ó lọ, wọ́n fún un lóògùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 136/86, ló bá dá oògùn dúró. "Ara mi ti yá, mo tún ń lò ó fún kí ni?" Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ó ti padà sí 158/98. N kò bá a jiyàn. Mo kọ nọ́ńbà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí káàdì rẹ̀, mo sì sọ fún un pé oògùn ló fa èyí tó kéré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó padà, ṣùgbọ́n ti ọ̀sẹ̀ kan-kan ló ń rà, bí ọjà bá ṣe tà sí. Apá mi kò ká ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ 12 kò tó fún àìsàn tí èèyàn yóò máa tọ́jú títí ayé. Nítorí náà, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, a mú ẹni tí yóò gba ìwé lọ́wọ́ wa káàkiri dé ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwa méjèèjì pọ̀. Mo fi ọmọ tuntun náà han ìyá elélùbọ́. Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé Ọjọ́bọ̀ náà ni ìwọ ń wá?"