Àwọn Ìdérí Àtijọ́ Ńkọ́?

Alhájì kò kí wa lọ́jọ́ náà. Ẹni tó máa ń bèèrè ìyá, bàbá àti àbúrò kó tó sọ ohun tó ń fẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá bẹ̀rẹ̀: "Ìdérí yín kò wọlé o." Lẹ́yìn rẹ̀, a ń gbọ́ fèrè táńkà àti ariwo àwọn ọmọ mọ́tò. Ibùdókọ̀ Kókónọ́ọ̀tì ló wà, níbi tí àwọn táńkà ti máa ń tò sílẹ̀ de epo. Àwa náà kò jìnnà sí i, yàrá kan lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà ni ọ́fíìsì wa, àwa méjì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà méjì àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́.

Iṣẹ́ wa ni ká máa ya nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹlòmíràn tó fi ike tàbí irin ṣe é. Ohun tí Alhájì gbé fún wa ni àpótí ike kékeré tí wọ́n ń fi tíráká sí, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí táńkà wà fún olówó rẹ̀. Àpótí náà gùn ní 120 mìlímítà, ó fẹ̀ ní 70, ó ga ní 22. Ó ní ara, ó ní ìdérí. Nínú ara, òpó mẹ́rin wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí síkúrúù ń wọ̀. Lábẹ́ ìdérí, ètè tín-ín-rín kan yí i ká tó ń wọ inú ara, kí eruku àti omi má baà ráyè wọlé. Àwọn ọmọ Alhájì ní Ajégúnlẹ̀ ló ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde, ìlà ike lórí ìlà ike, bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù.

Àpótí àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́, àmọ́ òpó rẹ̀ ń là. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ihò síkúrúù jẹ́ 2.5 mìlímítà, òpó fúnra rẹ̀ jẹ́ 4.5. Ike tó kù yí ihò ká jẹ́ mìlímítà kan péré. Síkúrúù ń tì í síta, ìlà tí wọ́n tò léra wọn sì ń ṣí. A mú òpó náà sanra dé 6.5, kí ike tó yí ihò ká lè di mìlímítà méjì. Lákòókò kan náà, Alhájì ra irú tíráká mìíràn tí ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà a gbé àpótí ga láti 22 sí 25.

Nǹkan kẹta wà tí a ṣe, tí a sì gbàgbé láti sọ. Tẹ́lẹ̀, àlàfo ìdajì mìlímítà ló wà láàárín òpó àti ètè ìdérí. Nígbà tí òpó sanra, ó wú ní mìlímítà kan sí gbogbo ìhà rẹ̀. Ìyẹn ni pé ó gba àlàfo tán, ó sì tún wọ àyè ètè ní ìdajì mìlímítà. Kọ̀ǹpútà fi hàn wá ní àwọ̀ pupa pé méjèèjì ti ń gba ara wọn kọjá. Kíá la gé ètè náà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bóyá torí pé kò pẹ́ ni kò fi dúró lọ́kàn wa.

Ímeèlì tí a fi ránṣẹ́ nìyí, ojú ń tì wá láti tún un kọ: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. A ti tún òpó ṣe, a sì ti gbé àpótí ga bí ẹ ṣe wí. Gbogbo fáìlì wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣé." Àwọn tí a so mọ́ ọn ni `ara_final2.stl` àti `ideri_final.stl`.

Ẹ fi ojú Alhájì wò ó. Òpó ló gbọ́, gíga ló gbọ́. Òpó wà nínú ara, gíga náà wà nínú ara. Orúkọ fáìlì ìdérí ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ó sì ní ìdérí 24 nílẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀, kí ló dé tó máa fi tẹ òmíràn? Ara nìkan ló ní kí wọ́n tẹ̀. Gbogbo 24 ló tẹ̀, ó kó wọn lọ sí Kókónọ́ọ̀tì, táńkà dúró, dírẹ́bà dúró, ìdérí kọ̀. Kò sí ibi tó ti ṣe àṣìṣe. Ohun tí a kọ ló ṣe.

A ti máa ń rò pé ímeèlì àtúnṣe wà láti sọ ohun tí a yí padà. Ó wà fún bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí oníbàárà nílò jù kò sí níbẹ̀. Ó ní àtijọ́ nílé. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá àtijọ́ yẹn ṣì lè bá tuntun ṣiṣẹ́.

Ilé iṣẹ́ ńlá náà ti ṣubú síbẹ̀. Jẹ́nẹ́rà Mọ́tọ̀ ti Amẹ́ríkà ní ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ bíi Ṣẹfirolé Kóbọ́ọ̀tì, tó rọ̀ jù. Tí orúnkún bá kàn án, tàbí tí ìdì kọ́kọ́rọ́ bá wúwo, ó lè yí fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú lórí eré, báàgì afẹ́fẹ́ kò sì ní ṣí bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ní 2006, wọ́n fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀, wọ́n fi sípíríǹgì tó le sí i. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ̀yà náà kò yí padà. Tuntun àti àtijọ́ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nígbà tí àwọn tó ń wádìí ìjàǹbá wo àwọn ọkọ̀ tó tẹ̀lé e, wọn ò rí ohun tó fi yàtọ̀, nítorí pé nínú ìwé, kò sí nǹkan tó yí padà. Ẹnjiníà kan tí agbẹjọ́rò gbà nítorí ẹjọ́ ọmọbìnrin kan tó kú ní Jọ́jíà ló tú ti inú ọkọ̀ náà àti tuntun tó rà, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó rí i pé nọ́ńbà kan náà ni, inú wọn sì yàtọ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọkọ̀ náà padà. Ẹni 124 ni àjọ tó ń san owó ìtanràn gbà pé wọ́n kú nítorí rẹ̀.

Tiwa kò pa ẹnikẹ́ni, ẹ ṣeun Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n rú náà ni a rú. Nínú iṣẹ́ yìí, bí àtijọ́ àti tuntun bá lè dípò ara wọn láìsí wàhálà, lẹ́tà àtúnṣe nìkan lèèyàn ń yí, láti A sí B. Bí wọn ò bá lè dípò ara wọn, nọ́ńbà ẹ̀yà gan-an ló gbọ́dọ̀ yí, torí nǹkan mìíràn ló ti dà. Ara tuntun wa kò gba ìdérí àtijọ́. Nítorí náà ara tó ń jẹ́ TRK-01 di TRK-03, ìdérí tó ń jẹ́ TRK-02 di TRK-04.

Alẹ́ ọjọ́ náà la jókòó kọ òmíràn. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ká máa kọ ọ́ ní Yorùbá kí òun lè kà á sókè fún àwọn ọmọ:

"Alhájì, ẹ kú ọjọ́, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀bi wa ni.

Ìdérí TRK-02 tó wà lọ́wọ́ yín KÒ LÈ wọ ara tuntun TRK-03. Ẹ má ṣe fi agbára tì í, òpó á là. Ẹ tọ́jú wọn fún àwọn àpótí àtijọ́ tó wà lórí táńkà, wọ́n ṣì bá ìyẹn mu. Bí ẹ bá fẹ́ lò wọ́n fún tuntun, kí àwọn ọmọ fi fáìlì irin ha ètè ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí a ṣe yà á sójú ewé kejì. Mìlímítà kan tó.

Ohun tó yí padà lára ara: òpó láti 4.5 sí 6.5, nítorí pé ó ń là. Gíga láti 22 sí 25, nítorí tíráká tuntun. Lára ìdérí: a gé ètè ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí òpó tó sanra. Ohun tí kò yí padà: gígùn, fífẹ̀, ihò wáyà, àti ibi tí ẹ ti ń dè é mọ́ táńkà. Ẹ ò ní lu ihò tuntun.

Fáìlì márùn-ún la so mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa gbogbo èyí tó ní `final` nínú orúkọ rẹ̀ rẹ́."

Àwọn márùn-ún náà nìyí:

```
TRK-03_ara_RevA.step
TRK-03_ara_RevA.stl
TRK-04_ideri_RevA.step
TRK-04_ideri_RevA.stl
TRK-03-04_iwon_RevA.pdf
```

Lábẹ́ rẹ̀ la ti sọ ohun tí olúkúlùkù wà fún, torí ẹni tó bá ṣí èyí tí kò yẹ lè ba iṣẹ́ jẹ́. `.stl` ni kí ọmọ tó ń tẹ nǹkan gbé lọ sórí ẹ̀rọ. Àwọn onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ ló fi bo gbogbo ojú nǹkan náà, kò sì gbé ẹyọ ìwọ̀n dání. Ó mọ̀ pé 120 ni, kò mọ̀ bóyá mìlímítà ni tàbí ínṣì. Bí kọ̀ǹpútà bá kà á sí ínṣì, àpótí á di ìlọ́po 25.4. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ́ sínú ímeèlì pé kó rí 120, 70, 25 lójú ẹ̀rọ kó tó tẹ "bẹ̀rẹ̀". `.step` mọ ẹyọ ìwọ̀n rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òpó jẹ́ róbótó gidi, nítorí náà òun ni ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe tàbí ẹni tó máa gbẹ́ irin ìmọ ike máa lò lọ́jọ́ iwájú. `.pdf` ni àwòrán oníwọ̀n. Bí òun àti fáìlì mìíràn bá takora, ẹ má tẹ ohunkóhun, ẹ pè wá.

Kí a tó fi ránṣẹ́ sí Alhájì, a fi ránṣẹ́ sí ara wa ná. A gbà á sórí fóònù, a ṣí gbogbo rẹ̀ láti inú ímeèlì, kì í ṣe láti inú kọ̀ǹpútà tí a ti ṣe é. Ó dára tí a ṣe bẹ́ẹ̀, ìdérí `.stl` tí a so mọ́ ọn kò ní igun gígé. Orúkọ tuntun la fún un, àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. A tún un yọ jáde, a tún un so.

A san owó ike ìdérí 24 tuntun. Alhájì ò sọ pé ká san án, kò sì sọ pé ká má san án.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ihò wáyà ní láti fẹ̀ láti 5 sí 6 mìlímítà. TRK-03 di RevB, ìdérí kò yí. Kí a tó kọ ímeèlì tán, ìpè wọlé. Ó kí wa dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, ó bèèrè ìyá, ó bèèrè bàbá, ó bèèrè jẹnẹrétọ̀ pàápàá. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àwọn ìdérí àtijọ́ ńkọ́?"

"TRK-04 ni, sà? Wọ́n wọlé. Ẹ lò wọ́n."

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ o. Kí n rí i kà."

A kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́.