Sí Àbúrò Mi, Lórí Ojú Ìwé Méjì Tó Fi Ránṣẹ́

Baltimore, Maryland,
Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Òtútù ti wọ̀ wá léegun níbí, àmọ́ a dúpẹ́ pé à ń jí. Mo gbọ́ pé Houston tiyín ṣì ń mú ooru bíi Òṣogbo, ẹ kú ìfaradà.

Mo ti ka ìwé tí o fi ránṣẹ́, èyí tí o fẹ́ fi béèrè fún àyè dígírì nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè ọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé tí a bá ti gbé fóònù, ọ̀rọ̀ ilé ni a ó fi sùn, a ò ní dé orí èyí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ohun tí mo rí rèé. O ní láti kékeré ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti wù ọ́. O wá to ìwà dáadáa jọ: àánú, òtítọ́, sùúrù, ọ̀wọ̀ fún aláìsàn. Nígbà tí o dé ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn, o ní tíọ́rì Jean Watson ni o yàn, torí pé ó gbà pé ìfẹ́ ni ìtọ́jú. O sì dúró síbẹ̀. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, Àjọkẹ́, èmi ni mo tọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mo yọ orúkọ Watson kúrò, mo fi ti Florence Nightingale dípò, kò sí gbólóhùn kan tó mì. Mo tún fi ti Virginia Henderson dípò, bákan náà ló rí. Mo fi mọ̀ pé tíọ́rì náà kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan fún ọ. Ó kàn wà níparí bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò kí.

Ó dun èmi náà rí. Ní ọdún tí mo kọ tèmi, Watson ni mo fi sí i, torí pé òun ni gbogbo wa ń fi sí i. Olùkọ́ tó kà á fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: níbo ni mo ti máa rí Watson lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o bá wà lọ́dọ̀ aláìsàn? Mi ò rí èsì fọ̀. Kókó mẹ́wàá ni Watson là kalẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1979, mi ò sì lo ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo yá.

Nítorí náà, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwà dáadáa, má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí tíọ́rì. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbẹ̀ yẹn. Ṣé o rántí wọn? O sọ ìtàn wọn fún mi nígbà tí o ṣì wà nílé, o sì ń sunkún bí o ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ti dákú nígbà tí àwọn ọmọ wọn gbé wọn wọ wọ́ọ̀dù yín, àtọ̀gbẹ ti gbé ṣúgà wọn lọ sókè. Nígbà tí ara wọn yá tí wọ́n fẹ́ máa lọ sílé, dókítà kọ ínsúlínì fún wọn, yúníìtì 14 láràárọ̀. Àwọn ọmọ wọn obìnrin ní àwọn ni yóò máa gún bàbá, kí bàbá máa sinmi. Ìwọ lo ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná. O gbé sírínjì tí o fẹ́ fi kọ́ wọn lé bàbá lọ́wọ́, o gbé ìgò omi kékeré tì í, o ní kí wọ́n fa 14.

Ọwọ́ bàbá ò gbọ̀n. Wọ́n rọra fà á, wọ́n lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde bí o ṣe kọ́ wọn, wọ́n sì nà án sí ọ tayọ̀tayọ̀. O gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: 24 ni. Lára sírínjì yẹn, yúníìtì méjì ni ilà kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i. Bàbá ka ilà méjì tó tọ́, àmọ́ ìdí 20 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á dípò ìdí 10. Ojú ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọpọlọ. Tó bá jẹ́ ínsúlínì ni, tí wọ́n sì gbéra lọ sóko láìjẹun, ṣúgà wọn ì bá já lulẹ̀ kí wọ́n tó kọ ebè mẹ́wàá.

O ò gba sírínjì lọ́wọ́ wọn, o ò sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. O sọ fún wọn pé 24 ni. Lẹ́yìn náà lo pe ọmọ-ọmọ wọn tó wà ní girama, o kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí ìgò oògùn náà láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi dọ́gba, láìjẹ́ pé wọ́n mì í jìgìjìgì, àti bí yóò ṣe fà á dé 14. Ọmọ náà ni yóò máa fà á, bàbá ni yóò máa gún ara wọn níkùn. Nígbà tí wọ́n ní iná kì í dúró lábúlé, ẹ jọ rò ó pé kí wọ́n wé ìgò náà sínú ọ̀rá, kí wọ́n fi sínú ife, kí ife náà wà nínú ìkòkò amọ̀ tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí o gbà gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí ti wà níbẹ̀ látòkèdélẹ̀. O kọ "ọ̀wọ̀" sínú ìwé rẹ, ẹni tó ń kà á kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí o gbé sírínjì lé bàbá lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn lẹ́jọ́ pé wọn ò lè ṣe é, ọ̀wọ̀ nìyẹn. Òtítọ́ sì ni nígbà tí o sọ fún wọn pé 24 ni.

Ní báyìí, tíọ́rì wo ló mọ bàbá yìí? Lójú tèmi, ti Dorothea Orem ni. Ìlú tí mo ń gbé yìí ni wọ́n bí i sí, ní 1914. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé, ìgbà wo gan-an ni ènìyàn nílò nọ́ọ̀sì? Kì í kàn ṣe ìgbà tó bá ń ṣàìsàn, torí ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń tọ́jú ara wọn. Ó ní ara ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń béèrè lójoojúmọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní agbára tó fi ń dáhùn. Nígbà tí ohun tí ara béèrè bá ju agbára yẹn lọ, àìtó wà níbẹ̀, àlàfo yẹn gan-an ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wo bàbá. Ara wọn ń béèrè 14 láràárọ̀. Wọ́n ní ọwọ́ tí kò gbọ̀n, wọ́n ní ìgboyà, wọ́n mọ ìdí oògùn. Ojú nìkan ni kò tó. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìwọ wọn àlàfo náà, o rí i pé ó kéré, ìwọ̀nba rẹ̀ lo sì dí.

Ṣé o rí i pé o ò lè fi Watson rọ́pò níbí mọ́? Watson yóò bi ọ́ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìwọ àti bàbá nígbà tí ojú yín pàdé. Ìbéèrè tó dára ni, àmọ́ kì í ṣe òun ló jẹ́ kí o gbé sírínjì fún wọn.

Orem tún ní ọ̀nà mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì ń gbà dí àlàfo, ìtàn rẹ sì gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bàbá tó ti dákú dé, ẹ̀yin lẹ ń ṣe gbogbo nǹkan fún wọn. Nígbà tí wọ́n lajú, ẹ jọ ń ṣe é. Nígbà tó kù dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n lọ sílé, ìkọ́ni àti ìfọkànbalẹ̀ ló kù lọ́wọ́ rẹ. Fi gbólóhùn méjì péré sọ èyí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ bí ẹni ń ka àkọ́sórí, láìsí aláìsàn kankan nínú rẹ̀.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí o ti dúró dáadáa. Àwọn tó ń ka ìwé yín á fẹ́ mọ̀ bóyá o rí ibi tí tíọ́rì rẹ fún ọ lọ́rùn. Orem kọ "ara ẹni" káàkiri ìwé rẹ̀, a sì mọ̀ pé nílé wa, ara bàbá kì í ṣe ti bàbá nìkan. Àwọn ọmọbìnrin yẹn kò fẹ́ gba agbára bàbá. Ojúṣe ọmọ ni wọ́n ń ṣe, ojú ò sì ní jẹ́ kí wọ́n máa wo bàbá wọn kó máa gún ara rẹ̀. Orem kò gbàgbé èyí pátápátá, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń tọ́jú ẹni tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀ tán, abẹ́ ibẹ̀ ni ọmọ-ọmọ tó ń fa oògùn bọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí wàá ṣe bá àwọn ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ tí ìtìjú ò fi ní bá wọn, kò sí nínú rẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o sì sọ ohun tí o sọ fún wọn lọ́jọ́ náà.

Wọ́n máa ń wá nǹkan mẹ́rin nínú irú ìwé yìí: ènìyàn, ìlera, àyíká àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Má ṣe dá ìpínrọ̀ mẹ́rin sílẹ̀ fún wọn. Ìkòkò amọ̀ yẹn ni àyíká rẹ. Ìlera ni pé bàbá padà sóko bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtọ̀gbẹ ò lọ.

Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ ọ́, àmọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ lọ́kàn mi nìyí: "Kí n tó ṣe ohunkóhun fún aláìsàn, mo máa ń kọ́kọ́ wo ohun tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Bàbá kan fa 24 dípò 14. Ojú wọn ni kò tó, ọwọ́ wọn tó. Ohun tí Orem pè ní àìtó nìyẹn, ibẹ̀ nìkan ni mo sì fọwọ́ sí." Ọ̀rọ̀ 500 ni wọ́n fún ọ, jẹ́ kí bàbá àti Orem jọ gba nǹkan bíi 300 nínú rẹ̀. Fi ìyókù sọ ohun tí o fẹ́ lọ kọ́. O sọ fún mi pé o ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní wọ́ọ̀dù, pé kò sí ẹni tó lọ wò wọ́n nílé. Ìdí tí o fi ń wá dígírì nìyẹn. Kọ ọ́ síbẹ̀.

Nǹkan kékeré kan tó kù: ẹ̀dà ìwé Orem tí o bá kà gan-an ni kí o kọ ọdún rẹ̀. Àkọ́kọ́ jáde ní 1971, ẹ̀dà kẹfà ní 2001. Tó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn yìí lo rí, (Orem, 2001) ni wàá kọ. Má ṣe kọ 1971 torí pé o rí i nínú nóòtì olùkọ́.

Tún un kọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́bọ̀. Màá yọ orúkọ Orem kúrò nínú rẹ̀, màá fi ti ẹlòmíràn sí i. Tí kò bá gbà á, màá pè ọ́ lóru ọjọ́ náà.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Sọ fún wọn pé ẹ̀wà olóyin tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti dé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.